Ẹ Kú Àná: Gbólóhùn Kejì Nínú Ìwé Ìdúpẹ́ Lẹ́yìn Íńtáfíù

Àwọn méje la pè fún íńtáfíù iṣẹ́ alábòójútó sítọ̀ọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn fún àwọn fáámásì n'Íbàdàn. A rí mẹ́rin ní Ọjọ́rú, a rí mẹ́ta yòókù ní Ọjọ́bọ̀, a sì ti fi àdéhùn sí i pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà la ó jókòó wo ẹni tí a máa mú. Àwa mẹ́ta là ń béèrè ọ̀rọ̀: ọ̀gá tó ń darí sítọ̀ọ̀ àti ọkọ̀, obìnrin kan láti ẹ̀ka ìṣirò owó, àti èmi tí ìgbanisíṣẹ́ jẹ́ iṣẹ́ mi. Kí a tó wọlé ìpàdé aago mẹ́rin yẹn, mẹ́rin nínú àwọn méje náà ti kọ̀wé ìdúpẹ́ sí wa. Bí ẹ bá pa orúkọ rẹ́ lórí mẹ́ta nínú wọn, ẹ kò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ta. Ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Àwọn mẹ́ta yẹn kò ṣe ohun tó burú. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa fún àǹfààní tí a fún wọn, wọ́n ní àwọn ń retí ìròyìn ayọ̀, wọ́n sì gbàdúrà fún ilé-iṣẹ́ wa. Mo kà á, mo ṣe àmín, mo pa á dé. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, kò sí ohun kan nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo lè gbé wọ ìpàdé lọ.

Nílé Yorùbá, ìdúpẹ́ kì í parí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe oore. Ilẹ̀ á mọ́, ẹni tí a ṣe lóore á tún yà wá: ẹ kú àná, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìdúró. Ẹ sì kíyè sí i pé ẹni tó mọ ìkíni í kí kì í dúró lórí "ẹ ṣé" nìkan. Ẹni tí ẹ fún ní iṣu á ní, "Ẹ ṣeun àná o. Iṣu yẹn mà dára, òun la fi gúnyán lálẹ́." Gbólóhùn àkọ́kọ́ jẹ́ ìwà ọmọlúàbí. Gbólóhùn kejì ló mú ìròyìn wá: iṣu dé ilé, ẹ kò fún wọn ní iṣu tó ti rà, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n fi í ṣe. Ẹni tó bá gbọ́ gbólóhùn kejì yẹn mọ nǹkan kan tí kò mọ̀ lánàá.

Ìwé ìdúpẹ́ lẹ́yìn íńtáfíù náà nílò gbólóhùn kejì. Ó yẹ kí ẹni tó bá kà á mọ nǹkan kan nípa yín tí kò mọ̀ nígbà tí ẹ dìde lórí àga. Bí kò bá sí ìyẹn nínú rẹ̀, ẹ ti ṣe ọmọlúàbí, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀ ara yín.

Ẹni tó kọ ìwé kẹrin jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní sítọ̀ọ̀ àwọn tó ń ta ẹja dídì. Àárọ̀ Ọjọ́rú la rí i. Ọ̀gá sítọ̀ọ̀ wa bi í pé, "Bí ìwé bá ní páálí 240 ló wà nílẹ̀, tí o sì ka 228, kí lo máa ṣe?" Ó dáhùn pé òun á tún un kà, òun á sì lọ sọ fún ọ̀gá. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà rù. Ẹnikẹ́ni tí kò tíì wọ sítọ̀ọ̀ rí ló lè dáhùn bẹ́ẹ̀. Bí ìbéèrè yẹn ṣe kọjá, ọ̀gá náà mí kanlẹ̀, ó ní, "Èyí tó tiẹ̀ ń sọnù kò dùn mí tó èyí tó ń kú sórí pẹpẹ." Ohun tó ń wí ni oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ kọjá láìtà. Owó rẹ̀ ti wọlẹ̀, kò sì ṣeé kàn dà sí ààtàn. Èèyàn ní láti fi tó àjọ NAFDAC létí kí wọ́n tó bá a pa á run. Ọmọbìnrin náà mi orí, a sì bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn.

Nígbà tó máa fi di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé rẹ̀ ti wà nínú ímeèlì wa. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì wa ṣe rí, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ṣeun fún àkókò tí ẹ fún mi lánàá, àti fún bí ẹ ṣe là á yé mi pé oògùn tó ń kú sórí pẹpẹ ló ń dùn yín ju èyí tó ń sọnù lọ.

Ẹ bi mí ní ohun tí màá ṣe bí ìwé bá ní 240 tí mo sì ka 228. Ìdáhùn mi kò kún tó. Lẹ́yìn tí èmi àti ẹlòmíràn bá ti jọ tún un kà, màá wá ọjọ́ tí ìwé àti ojú pẹpẹ bára mu gbẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà ni màá ti yẹ ìwé gbogbo ọjà tó jáde wò, àti ọjà tí oníbàárà dá padà tí ẹnì kan lè ti gbàgbé láti kọ sílẹ̀. Màá kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀ kí n tó wá bá yín. N kò ní fọwọ́ kan iye tó wà nínú ìwé láìjẹ́ pé ẹ buwọ́ lù ú.

Lórí èyí tó ń kú: ẹja dídì la ń tà níbi tí mo wà, ọjọ́ tí ọjà máa bàjẹ́ la sì fi ń tò ó, kì í ṣe ọjọ́ tó dé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń fún àwọn tó ń tajà ní ìwé ojú-ewé kan tó ní gbogbo èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti ń sún mọ́lé, kí wọ́n lè tètè tì í jáde. Mo fi òfìfo irú ìwé náà ránṣẹ́ pẹ̀lú èyí.

Bí ẹ bá gbà mí, màá fún ibi tí mo wà ní ìkìlọ̀ oṣù kan kí n tó lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ sà."

Ó tán. Kò tó ìṣẹ́jú méjì láti kà. Ẹ jẹ́ ká wá yẹ ohun tó ṣe wò, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ó dárúkọ ìṣòro tí ọ̀gá fẹnu ara rẹ̀ sọ. Kì í ṣe ìbéèrè tó wà lórí ìwé wa. Ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn ni. Nínú íńtáfíù, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níye lórí ju ìbéèrè lọ. Olúkúlùkù ni wọ́n máa ń bi ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi ń wá èèyàn gan-an máa ń yọ nígbà tí ẹni tó ń béèrè bá gbàgbé ara rẹ̀ díẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí i. Ó lè jẹ́, "Ẹni tó wà níbí tẹ́lẹ̀ kì í kọ nǹkan sílẹ̀." Ó lè jẹ́, "Àwọn oníbàárà wa kì í sanwó lásìkò." Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ ti fi hàn pé òun gbọ́, kò sì tíì yin ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun kejì ni ìdáhùn tó kún ju tàná lọ. Kò sí ẹni tó jáde nínú íńtáfíù tí kò rántí, nígbà tó bá dé ìdíkọ̀, ohun tí ì bá ti sọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ìrora yẹn sùn ni. Ìwé ìdúpẹ́ ni àyè tí ẹ ní láti ṣàtúnṣe rẹ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo sì ni kí ẹ mú. Bí ẹ bá tún mẹ́ta ṣe, ńṣe lẹ ń kéde pé mẹ́ta ló bàjẹ́. Ẹ tún wo bó ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ náà. "Ìdáhùn mi kò kún tó," ó sì bọ́ sórí iṣẹ́. Kò bẹ̀bẹ̀, kò ní ẹ̀rù ló ba òun, kò ní àìsàn ọmọ ni kò jẹ́ kí òun sùn. Ẹni tó ń kà á nílò ìdáhùn, kò nílò ìtàn àṣìṣe.

Ohun tó wà nínú ìdáhùn náà pẹ̀lú yẹ fún àkíyèsí. Ẹni tó bá ti ṣe sítọ̀ọ̀ rí ló mọ̀ pé páálí 12 tó dín kì í sábà jẹ́ olè. Ó lè jẹ́ ọjà tí wọ́n dì sọ́kọ̀ kí ìwé rẹ̀ tó jáde, ó lè jẹ́ èyí tí oníbàárà dá padà tó wà ní kọ̀rọ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń padà sí ọjọ́ tí iye méjèèjì bára mu gbẹ̀yìn. Gbólóhùn tó sọ pé òun kò ní fọwọ́ kan iye inú ìwé láìgba àṣẹ ló sì mú obìnrin ẹ̀ka ìṣirò owó wa gbé orí sókè. Òun kọ́ ni wọ́n kọ̀wé náà sí lórúkọ, ẹ̀dà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ó rí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Ohun kẹta ni ẹ̀rí. Ó fi ojú-ewé kan kún un, òfìfo sì ni. Ẹ má fojú kékeré wo òfìfo yẹn. Ká ní ìwé tòótọ́ láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló fi ránṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ ọjà àti iye owó, èmi ni ì bá kọ́kọ́ ní ká má gbà á, nítorí ohun tó bá ṣe sí ọ̀gá rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ ló máa ṣe sí wa. Ẹ fi ọwọ́ iṣẹ́ yín hàn, ẹ má fi àṣírí ẹlòmíràn hàn. Ojú-ewé kan náà sì tó. Mo ti gba ìwé ojú-ewé mẹ́rin rí lọ́wọ́ ẹnì kan tó to gbogbo ohun tó bàjẹ́ ní ilé-iṣẹ́ wa lẹ́sẹẹsẹ, lẹ́yìn tó ti bá wa jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú péré. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n àlejò tí kò tíì mumi tó ti ń tún ilé onílé tò, ẹ̀rù ló máa ń bani láti gbà á wọlé.

Gbólóhùn oṣù kan ìkìlọ̀ ló kù, kò sì gba àlàyé púpọ̀. Ó ń yọ ìbéèrè kan kúrò lọ́kàn ẹni tó fẹ́ gbani. Àmọ́ owó oṣù kò ní í wà nínú ìwé yìí. Wọn kò tíì yàn yín. Ìgbà tí wọ́n bá yàn yín lẹ óò na owó.

Lẹ́yìn tó ti ń bá wa ṣiṣẹ́, mo bi ọmọbìnrin náà bó ṣe rántí gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn. Ó ní kí òun tó wọ mọ́tò, òun jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbúrẹ́dì kan níwájú ọ́fíìsì wa, òun sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí a fi pe òun: orúkọ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbéèrè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bi í, ohun tí a ráhùn lé lórí, èyí tí òun kò dáhùn dáadáa, àti ọjọ́ tí a ní a máa yan èèyàn. Ìlà márùn-ún ni. Ó ní ká ní òun dé ilé ni, méjì ni òun ì bá rántí. Mo gbà á gbọ́. Ariwo mọ́tò, oúnjẹ alẹ́ àti ìbéèrè àwọn ará ilé, "Báwo ló ṣe lọ?", tó láti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Orúkọ wa tó kọ sílẹ̀ yẹn, ó béèrè rẹ̀ ni kó tó dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lẹ ṣe ń kọ orúkọ yín?" Kò sí ẹni tí ìyẹn bí nínú. Ohun tó ń bí ni nínú ni kí ìwé ìdúpẹ́ pe Akinọlá ní Akintọ́lá, tàbí kó pe Dókítà ní Ọ̀gbẹ́ni. Èyí tó burú jù tí mo tíì rí ni èyí tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn pátápátá. Ó hàn pé ìwé kan náà ló ń fi ránṣẹ́ káàkiri, ó sì gbàgbé láti yí orúkọ padà. Ẹni tó bá ní gbólóhùn kejì nínú ìwé rẹ̀ kò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn, nítorí ìwé náà kò ní bá ibòmíràn mu.

Ó kù kí a sọ ti àkókò. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí ìwé náà dé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, mo sì fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀. Àwọn tó fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò kì í pẹ́ jókòó. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ọjọ́ kan náà tàbí ọjọ́ kejì la máa ń fi ẹnu kò, nítorí bó bá pé ọjọ́ mẹ́ta, ojú àwọn tí a rí á ti máa dà pọ̀ mọ́ra lọ́kàn wa. Ìwé tó bá dé lẹ́yìn tí a ti fẹnu kò ti di ìkíni lásán, bó ti wù kó kún tó. Nítorí náà, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù kí ẹ tó jáde nínú yàrá náà ni, "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ rò pé ẹ máa ṣe ìpinnu?" Bí wọ́n bá ní ọ̀la, ẹ kọ̀wé lónìí. Bí wọ́n bá ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ṣì kọ ọ́ ní ọ̀la, nítorí ọkàn tiyín náà ń gbàgbé.

Kíkánjú jù náà ní àbùkù tirẹ̀. Mo ti gba ìwé ìdúpẹ́ nígbà tí ẹni tó fi í ránṣẹ́ kò tíì kọjá géètì. Ó dájú pé ó ti kọ ọ́ sínú fóònù kó tó wọlé wá bá wa, kò sì sí ohun tí a jọ sọ tó lè wà nínú rẹ̀. Ohun tó ti ṣe èmi àti àwọn tí mo gbà nímọ̀ràn láǹfààní jù ni kí ẹ kọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ fi sùn, kí ẹ tún un kà ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ kí ọ́fíìsì tó ṣí. Oorun á ti yọ ẹ̀bẹ̀ àti ìyangàn kúrò nínú rẹ̀. Bí íńtáfíù bá bọ́ sí àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ẹ má dúró di Ọjọ́ Ajé. Ẹ fi í ránṣẹ́ kí wọ́n tó pa ọ́fíìsì dé lọ́jọ́ náà. Bó bá sì jẹ́ pé òru lẹ kọ ọ́ tán, tí Gmail lẹ ń lò, ẹ tẹ "Schedule send" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ti ń fi ìwé ránṣẹ́, ẹ fi aago méje ààbọ̀ àárọ̀ sí i.

Ímeèlì ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi dáhùn ìwé tí wọ́n fi pè yín, kí ẹni tó ń kà á lè rí orúkọ yín, iṣẹ́ tí ẹ wá àti ọjọ́ tí ẹ wá lójú kan náà. Bí ẹ kò bá ní àdírẹ́sì àwọn tó fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, ẹ kọ ọ́ sí ẹni tó pè yín, kí ẹ ní kó bá yín fi tó wọn létí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ wá nọ́ńbà ọ̀gá kiri kí ẹ lè bá a lórí WhatsApp. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ajé wa ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti pè yín, ẹ dáhùn níbẹ̀, ní ọ̀sán, ní ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ṣùgbọ́n tí fóònù ẹni bá dún ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí èèyàn rí i pé ẹni tó rí lọ́sàn-án ló ń sọ pé òun ní ọmọ méjì, owó ilé sì ti tó san, ó máa ń dunni wọra, kò sì sí ohun tí èèyàn lè fi í ṣe. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti mú omi bọ́ lójú mi rí. N kò lè gbé e wọ ìpàdé, nítorí àwọn mẹ́fà yòókù náà ní ilé tí wọ́n ń sanwó rẹ̀.

Àwọn ibì kan wà tí ìwé yìí kò ti wúlò, kódà tó lè pa yín lára. Íńtáfíù iṣẹ́ ìjọba lọ́dọ̀ wa ni àkọ́kọ́. Bí ẹ bá wá ọ̀nà láti kọ̀wé sí ọmọ ìgbìmọ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n ti rí yín, bí ẹni tó ń wá ojú rere ló máa rí, ẹni tó sì gba ìwé náà lè wọ wàhálà. Ẹ fi sílẹ̀. Bákan náà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá sọ pé kí ẹ má kàn sí àwọn tó fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, ohun tí wọ́n wí náà ni. Àwọn èèyàn wa tó wà nílùú Ọba náà ń bi mí. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba àti káńsù níbẹ̀, wọ́n máa ń fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì lórí ìwé, ohun tí ẹ sọ nínú yàrá sì ni wọ́n ń fún ní máàkì. Ìlà méjì ìdúpẹ́ sí ẹni tó pè yín kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé yóò sọ máàkì mẹ́ta di mẹ́rin. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀: ìwé ìdúpẹ́ ti wọ àṣà ìgbanisíṣẹ́ wọn lára débi pé àwọn ọ̀gá kan máa ń rò pé ẹni tí kò kọ ọ́ kò fẹ́ iṣẹ́ náà.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ bó ṣe parí n'Íbàdàn gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìwé lásán ló gba iṣẹ́. Àwa náà ní máàkì. Ìbéèrè márùn-ún ni, máàkì márùn-ún sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, 25 ni gbogbo rẹ̀. Ọmọbìnrin náà gba 17. Ọ̀dọ́kùnrin kan gba 19, òun ló sì wà níwájú. Ọ̀gá sítọ̀ọ̀ fẹ́ ká fi kún máàkì ọmọbìnrin náà nítorí ìwé rẹ̀. Mo kọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ti ṣẹlẹ̀, kò sì tọ́ sí àwọn yòókù tí kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé àyè ṣì wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún wo ìdáhùn ọ̀dọ́kùnrin náà lórí páálí 240, a rí i pé ohun kan náà ni òun àti ọmọbìnrin náà sọ. Ó kàn fi ìgboyà sọ tirẹ̀ ni. A wá fẹnu kò pé kí àwọn méjèèjì padà wá ní Ọjọ́ Ajé, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú sítọ̀ọ̀ pẹ̀lú pẹpẹ kan àti ìwé rẹ̀, kó sì sọ ohun tó bá rí fún wa.

Ibẹ̀ ló ti gba iṣẹ́ náà. Ó rí páálí méjì tí ọjọ́ wọn kù díẹ̀ tí wọ́n tò sẹ́yìn èyí tó ṣì ní ọdún kan gbáko, kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Ohun tí ìwé ṣe fún un kò ju pé ó tún ilẹ̀kùn ṣí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ká ní 11 ló gba nínú 25 ni, n kò rò pé ìwé kankan ì bá ṣí i.

Bí ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín bá kọjá tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ dúró fún ọjọ́ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìlà méjì béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìyẹn kì í ṣe ìwé ìdúpẹ́ mọ́, ẹ má sì tún àlàyé àná ṣe nínú rẹ̀.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń gbani síṣẹ́. Àwọn mẹ́fà tí a kò mú lọ́jọ́ yẹn, mẹ́ta nínú wọn ti kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó dá wọn lóhùn, ìtìjú rẹ̀ sì ṣì wà lára mi. Ẹni tó wọ mọ́tò méjì wá bá wa, tó jókòó láti àárọ̀, tó tún padà dé ilé tó kọ̀wé pé ẹ ṣeun, kò yẹ kó máa yẹ fóònù wò fún oṣù kan gbáko. Ẹ jọ̀wọ́, ní ọjọ́ tí ẹ bá ti yan ẹni tí ẹ fẹ́, ẹ kọ ìlà méjì sí àwọn yòókù, kí wọ́n lè wá ibòmíràn lọ.